Apá kan ni kí o ti bẹ̀rẹ̀: bí a ṣe ń fìdí aidẹ́ńtítì múlẹ̀ nínú tirigonómẹ́tìrì, àti ìgbà tó yẹ kí a tú gbogbo rẹ̀ sí sáìnì àti kósáìnì

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọbìnrin kan tó wà ní kíláàsì àṣejáde gbé ìwé ìṣirò rẹ̀ wá bá mi níbi lẹ́sìnnì tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ l'Òkè-Àró, l'Àkúrẹ́. Inú rẹ̀ ò dùn rárá. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Ìṣirò yìí jáde, kò sì ṣẹ́kù síbì kan, síbẹ̀ òdo ni wọ́n fún mi." Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Aidẹ́ńtítì, ìyẹn ìdọ́gba tó jẹ́ òtítọ́ fún gbogbo igun tí apá méjèèjì bá ti ní iye, tí wọ́n ní kó fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nìyí:

```
sec θ − cos θ = sin θ tan θ
```

Ó ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe bi í. Lẹ́yìn náà ó fi cos θ ṣe ìlọ́po apá òsì àti apá ọ̀tún, ó sì rí 1 − cos²θ = sin²θ. Ó gbé cos²θ sọdá sí apá kejì, ó di 1 = sin²θ + cos²θ. Ó wá kọ 1 = 1 sí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó fà á nílà méjì. Ẹni tó máàkì ìwé náà kàn fi báírò pupa dá a lẹ́bi ni, kò kọ àlàyé kankan sí i.

Ó dùn mí fún ọmọ náà, nítorí nínú gbogbo ìlà mẹ́rin yẹn, kò sí ibi tó ti ṣi ìṣirò ṣe. Ibi tó ti gbéra ni kò tọ́. Wọ́n ní kó fi hàn wá pé apá òsì àti apá ọ̀tún jẹ́ ọ̀kan náà, àmọ́ ìlà àkọ́kọ́ tó kọ ti sọ ọ́ tán pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ohun tí a ṣì ń wá ló fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé. Bí ẹjọ́ bá wà níwájú adájọ́, a kì í pe ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kó wá jẹ́ ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo fún ara rẹ̀, kí a sì ní ẹjọ́ ti parí.

Mi ò bá a jiyàn lórí rẹ̀. Mo kọ òmíràn sábẹ́ tirẹ̀, mo ní kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò:

```
tan θ − sec θ = sec θ − tan θ
```

Mo sọ fún un pé ọ̀nà tirẹ̀ gan-an ni màá gbà. Mo sọ apá méjèèjì di sukuéà, mo sì tú àkámọ́ wọn:

```
tan²θ − 2 tan θ sec θ + sec²θ = sec²θ − 2 sec θ tan θ + tan²θ
```

Apá méjèèjì bára mu wẹ́kú. Mo fà á nílà méjì bíi tirẹ̀, mo ní, "Ó ti jáde, àbí?" Ó mi orí. Mo wá ní kó lọ fi 0° sí ipò θ nínú ìlà àkọ́kọ́. Táńjẹ́ntì òdo jẹ́ 0, sékáǹtì òdo sì jẹ́ 1. Apá òsì fún un ní −1, apá ọ̀tún fún un ní 1. Ó wo ìwé, ó wo ojú mi, ó ní, "Áà, Àǹtí, irọ́ ni ìbéèrè yín!"

Irọ́ ni lóòótọ́. Síbẹ̀, ìṣirò tó tọ́ láti ìlà dé ìlà ló gbé irọ́ yẹn dé ibi òtítọ́. Ohun tó fà á ni pé sukuéà kì í ṣí lẹ́yìn tó bá ti tì. −1 àti 1 kì í ṣe ọ̀kan náà, ṣùgbọ́n bí a bá sọ wọ́n di sukuéà, 1 ni àwọn méjèèjì. Ẹni tó ti 1 bọ̀ kò lè mọ̀ mọ́ bóyá ọ̀dọ̀ −1 ló ti wá ni tàbí ọ̀dọ̀ 1. Nítorí náà, pé a gbéra láti ìdọ́gba kan tí a sì dé 1 = 1 kò sọ nǹkankan fún wa nípa ìdọ́gba tí a ti gbéra. Òtítọ́ lè gbé wa débẹ̀, irọ́ náà sì lè gbé wa débẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi ń ní kí ọmọ mú apá kan ṣoṣo, kó máa yí i padà díẹ̀díẹ̀, kó má sì fọwọ́ kan apá kejì títí tí yóò fi bá a níbi tó wà. Apá kejì dà bí ìlú tí à ń lọ. A mọ̀ pé ibẹ̀ là ń lọ, a sì lè máa wò ó lókèèrè, ṣùgbọ́n a ò lè ní a ti dé ká tó gbéra. Bí ti ọmọbìnrin yìí ṣe yẹ kó rí nìyí. Sékáǹtì ni 1 tí a fi kósáìnì pín, nítorí náà:

```
sec θ − cos θ
= 1/cos θ − cos θ
= (1 − cos²θ)/cos θ
= sin²θ/cos θ
= sin θ · (sin θ/cos θ)
= sin θ tan θ
```

Ẹ wò ó dáadáa: láti ìlà kejì lọ, àmì ọ̀gbọọgba kan péré ló wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ òsì rẹ̀ ló sì wà. Ohun tó ń sọ ni pé "èyí kò yàtọ̀ sí ti òkè rẹ̀." Ẹni tó bá gba ìlà kìíní gbọ́ kò ní ibì kankan tí yóò sá sí títí dé ìlà ìkẹyìn.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tí ọmọ náà kọ́kọ́ ṣe kò ṣòfò. Bí a bá kà á láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, ẹ̀rí tó múná dóko ni. A gbéra láti 1 = sin²θ + cos²θ, tí gbogbo ayé ti gbà. A yọ cos²θ kúrò ní apá méjèèjì. A fi cos θ pín wọn, níwọ̀n ìgbà tí kì í bá ṣe òdo. A sì dé ohun tí wọ́n bi wá. Gbogbo ìgbésẹ̀ rẹ̀ ló ṣeé yí padà, èyí ni ti sukuéà tèmi kò fi lè bá a dọ́gba. Nítorí náà, mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n lo bébà ràfù bó ṣe wù wọ́n. Kí wọ́n máa gbé nǹkan sọdá síbí sọ́hùn-ún, kí wọ́n ti ìparí rìn padà sẹ́yìn, kí wọ́n ṣàà mọ ọ̀nà. Ohun tí wọ́n máa kọ síwájú ẹni tó fẹ́ máàkì ni kó ti apá kan lọ sí apá kejì. Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń gbà láyè: kí a tún apá òsì ṣe lọ́tọ̀, kí a tún apá ọ̀tún ṣe lọ́tọ̀, kí àwọn méjèèjì sì pàdé níbi ohun kan náà, láìsí pé a gbé nǹkan sọdá láàárín wọn. Ìyẹn náà tọ́, ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti mọ ti apá kan dáadáa kì í sábà nílò rẹ̀.

Ìbéèrè tó wá kàn ni apá wo ni ká mú. Èyí tó bá rí wọ́gọwọ̀gọ jù ni kí o mú. Nínú èyí tó gùn, tó ní ìpín lórí ìpín, ohun tó yẹ ká ṣe máa ń hàn: a lè pa ìpín pọ̀, a lè tú àkámọ́, a lè pa nǹkan rẹ́. Ṣùgbọ́n bí o bá mú sin θ tan θ tó kéré, ta ni yóò sọ fún ọ pé kí o kọ 1 − cos²θ? Ó ṣòro kéèyàn mọ bí wọ́n ṣe kó ẹrù kan jọ, ó rọrùn kéèyàn tú u.

Ìyẹn nípa ibi tí a ti ń gbéra. Ọ̀rọ̀ kejì ló máa ń dá àwọn ọmọ tó mọ̀wé gan-an dúró: ìgbà wo ló yẹ ká tú gbogbo nǹkan sí sáìnì àti kósáìnì, ìgbà wo ni kò sì yẹ? Ọ̀pọ̀ ló ti gbọ́ pé "bí ọ̀rọ̀ bá ti rú ọ lójú, sọ gbogbo rẹ̀ di sin àti cos." Ìmọ̀ràn náà kò burú, nítorí pé kò sí èyí nínú àwọn mẹ́rin yòókù, tan, cot, sec àti cosec, tí a kò fi àwọn méjèèjì yìí ṣe. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé òun gan-an ló ń sọ ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún di ti wákàtí kan.

Èmi máa ń wò ó bí ọ̀rọ̀ ìdílé mẹ́ta. Gbogbo wọn ti inú ìdọ́gba kan ṣoṣo wá:

```
sin²θ + cos²θ = 1
```

Bí a bá fi cos²θ pín gbogbo rẹ̀, a ó rí tan²θ + 1 = sec²θ. Bí a bá fi sin²θ pín gbogbo rẹ̀, a ó rí 1 + cot²θ = cosec²θ. Ẹ rí i pé sáìnì àti kósáìnì wà nínú ilé kan, táńjẹ́ntì àti sékáǹtì wà nínú ilé kejì, kótáńjẹ́ntì àti kósékáǹtì wà nínú ilé kẹta. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀ tó so àwọn sukuéà wọn pọ̀, kò sì yá èyí lò lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí gbogbo wa mọ̀ nílẹ̀ yìí wé e. Bí obìnrin Ìlàjẹ kan bá gbé ẹja wá sí Ọjà Ọba l'Àkúrẹ́, tí ará Ọ̀wọ̀ sì fẹ́ rà á, kò sí ẹni tí yóò fi èdè ilé tirẹ̀ ná ẹnìkejì. Yorùbá tí gbogbo wa jọ ń sọ ni wọ́n máa lò, wọn yóò sì gbọ́ ara wọn yé. Ṣùgbọ́n bí Ìlàjẹ méjì bá pàdé lọ́jà yẹn kan náà, kí ni wọ́n fẹ́ fi Yorùbá àjùmọ̀sọ ṣe? Èdè ilé wọn yá wọn lẹ́nu jù, ọ̀rọ̀ á sì tètè parí. Sáìnì àti kósáìnì ni Yorùbá àjùmọ̀sọ. Bí àwọn tó wà nínú ìbéèrè bá ti ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, tú wọn sí i. Bí ilé kan náà ni gbogbo wọn ti wá, tí apá tí à ń lọ náà sì wà nínú ilé yẹn, fi wọ́n sílẹ̀ nínú èdè wọn.

Èyí tó ti ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá kò gba àkókò. Bí wọ́n bá ní ká fi hàn pé tan θ + cot θ = sec θ cosec θ, táńjẹ́ntì ti ilé kejì wá, kótáńjẹ́ntì ti ilé kẹta wá, kò sì sí òfin kankan tó so àwọn sukuéà wọn pọ̀. A ó tú wọn:

```
tan θ + cot θ
= sin θ/cos θ + cos θ/sin θ
= (sin²θ + cos²θ)/(sin θ cos θ)
= 1/(sin θ cos θ)
= sec θ cosec θ
```

Ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ ń gbàgbé. Wọ́n á dé 1/(sin θ cos θ), wọ́n á dúró, wọ́n á ní ìṣirò ti há. Kò há rárá. Èdè àjùmọ̀sọ ni wọ́n ṣì ń sọ, bẹ́ẹ̀ sékáǹtì àti kósékáǹtì ni èdè ìlú tí à ń lọ. Bí o bá ti tú nǹkan, mọ̀ pé o ṣì lè ní láti tú u padà.

Ẹ wá wo èyí tí gbogbo wọn jẹ́ ará ilé kan:

```
sec⁴θ − tan⁴θ = 1 + 2 tan²θ
```

Sékáǹtì àti táńjẹ́ntì nìkan ló wà ní òsì, táńjẹ́ntì nìkan ló wà ní ọ̀tún. Kò sí àlejò níbẹ̀. Apá òsì jẹ́ ìyàtọ̀ sukuéà méjì, nítorí sec⁴θ ni sukuéà sec²θ, tan⁴θ sì ni sukuéà tan²θ. Òfin ilé náà sì sọ fún wa pé sec²θ − tan²θ jẹ́ 1. Nítorí náà:

```
sec⁴θ − tan⁴θ
= (sec²θ − tan²θ)(sec²θ + tan²θ)
= 1 · (1 + tan²θ + tan²θ)
= 1 + 2 tan²θ
```

Ó parí. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tú u sí sáìnì àti kósáìnì yóò rí (1 − sin⁴θ)/cos⁴θ. Ó ṣì máa ní láti pín òkè rẹ̀ sí (1 − sin²θ)(1 + sin²θ), kó fi cos²θ pa cos²θ rẹ́, kó dé (1 + sin²θ)/cos²θ, kó sì wá rántí pé 1 tó wà lókè yẹn ṣeé kọ bíi cos²θ + sin²θ, kó tó lè rí 1 + 2 tan²θ. Òun náà á dé. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ló ní láti rí ohun tó fara pamọ́, ẹni tó dúró nínú ilé rí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ohun tó rí kò sì fara pamọ́ rárá.

Èyí tó mú kí ọmọbìnrin yẹn pẹ́ kó tó sùn, tó sì tún gbé wá fún mi ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ni mo fẹ́ fi àkókò tó kù wò. Òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn, nítorí ọ̀nà méjèèjì ló wà nínú rẹ̀.

```
(tan θ + sec θ − 1)/(tan θ − sec θ + 1) = (1 + sin θ)/cos θ
```

Ó mọ̀ pé apá òsì ló wọ́gọ jù, ibẹ̀ ló sì ti bẹ̀rẹ̀. Ó rí i pé apá ọ̀tún ń sọ èdè sáìnì àti kósáìnì, nítorí náà ó tú apá òsì. Ìpinnu tó dára ni. Bí ìlú tí à ń lọ bá ń sọ èdè àjùmọ̀sọ, ó di dandan ká sọ ọ́ níbì kan lójú ọ̀nà. Ó kọ sin θ/cos θ dípò táńjẹ́ntì, ó kọ 1/cos θ dípò sékáǹtì, ó sì fi cos θ ṣe ìlọ́po òkè àti ìsàlẹ̀ kí àwọn ìpín kéékèèké lè lọ:

```
= (sin θ + 1 − cos θ)/(sin θ − 1 + cos θ)
```

Dé ibí, kò sí àṣìṣe. Ìlà tó tẹ̀ lé e ló ti ṣubú. Ó rí sin θ lókè, ó rí sin θ nísàlẹ̀, ó fi báírò fà wọ́n méjèèjì dànù. Ohun tó kù ni (1 − cos θ)/(−1 + cos θ), ìyẹn sì jẹ́ −1. Ó wá jókòó, ó ń wo −1, kò mọ bó ṣe lè dé (1 + sin θ)/cos θ.

Mo bi í pé, "Kí ni o pa rẹ́?" Ó ní sáìnì ni. Mo ní, "Ṣé ìlọ́po ló wà láàárín sáìnì yẹn àti àwọn yòókù, àbí àròpọ̀?" Ó dákẹ́. A lè pa ohun tó jọra rẹ́ lókè àti nísàlẹ̀ nígbà tí ó bá jẹ́ ìlọ́po gbogbo òkè àti ìlọ́po gbogbo ìsàlẹ̀. Èyí tí wọ́n kàn rò pọ̀ mọ́ àwọn yòókù kò ṣeé fà yọ. Ẹ fi nǹkan kékeré wò ó: (5 + 1)/(5 + 2) jẹ́ 6/7. Bí a bá pa 5 rẹ́, ó di 1/2. Wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Kí n tó sọ bí a ṣe bọ́ níbẹ̀, ohun kan wà tí mo kọ́ ọ lọ́jọ́ náà tí yóò wúlò fún ẹnikẹ́ni tó ní ẹ̀rọ ìṣirò. Mo ní kó fi 30° sí ipò θ nínú ìbéèrè náà. Òkè apá òsì jẹ́ 0.732, ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.423, bí a bá pín wọn, a ó rí 1.732 tí a bá fi àwọn nọ́ńbà náà sílẹ̀ nínú ẹ̀rọ láìgé wọn kúrú. Apá ọ̀tún jẹ́ 1.5 tí a fi 0.866 pín, òun náà jẹ́ 1.732. Ó dára. Láti ìsinsìnyí lọ, gbogbo ìlà tó bá kọ gbọ́dọ̀ fún un ní 1.732. Ìlà tó ti tú u sí sáìnì àti kósáìnì: 0.5 + 1 − 0.866 lókè, 0.5 − 1 + 0.866 nísàlẹ̀. Ó tún jẹ́ 1.732. Ìlà tó ti pa sáìnì rẹ́: −1. Ibẹ̀ ni àṣìṣe wọlé, kò sí ibòmíràn. Kò ní láti wá a káàkiri ojú ìwé.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì níbẹ̀. Àkọ́kọ́, kí ẹ̀rọ náà wà lórí dígírì. Bí ẹ bá tẹ sin 30 tí kò fún yín ní 0.5, tó jẹ́ −0.988 ló gbé jáde, kì í ṣe dígírì ló ń kà. Èkejì, ẹ má ṣe lo 45° fún àyẹ̀wò. Níbẹ̀, sáìnì àti kósáìnì jọ jẹ́ 0.707, táńjẹ́ntì àti kótáńjẹ́ntì jọ jẹ́ 1. Ẹni tó bá ṣì kọ ọ̀kan dípò èkejì kò ní rí àṣìṣe rẹ̀, nọ́ńbà á bára mu, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ lórí òfo. Àyẹ̀wò yìí sì kọ́ ni ẹ̀rí. Ó lè fi hàn pé ohun kan jẹ́ irọ́, kò lè fi hàn pé òtítọ́ ni fún gbogbo igun. Bí mo bá sọ pé sin θ = cos 2θ, 30° máa gbè mí lẹ́yìn, torí sáìnì 30° jẹ́ 0.5, kósáìnì 60° náà sì jẹ́ 0.5. Ṣùgbọ́n ní 0°, ọ̀kan jẹ́ 0, èkejì jẹ́ 1.

Ká padà sọ́dọ̀ ìlà tó tọ́ gbẹ̀yìn. Títú ti parí, a ò sì tíì dé. Ní irú ibí, ìlú tí à ń lọ ni kí o wò. Kí ló wà nísàlẹ̀ apá ọ̀tún? Kósáìnì ni, òun nìkan. Ó túmọ̀ sí pé cos θ gbọ́dọ̀ farahàn nísàlẹ̀ tiwa gẹ́gẹ́ bí ìlọ́po. Bí kò bá sí níbẹ̀, àwa la máa mú un wá, bí a bá ti fi sí òkè pẹ̀lú, a ò yí nǹkankan padà. Nítorí náà, mo fi cos θ ṣe ìlọ́po òkè àti ìsàlẹ̀. Ti ìsàlẹ̀, mo fi sílẹ̀ nínú àkámọ́, mi ò tú u. Ti òkè nìkan ni mo ṣiṣẹ́ lé lórí:

```
cos θ (sin θ + 1 − cos θ)
= cos θ (1 + sin θ) − cos²θ
= cos θ (1 + sin θ) − (1 − sin²θ)
= cos θ (1 + sin θ) − (1 − sin θ)(1 + sin θ)
= (1 + sin θ)(cos θ − 1 + sin θ)
```

Ìlà kejì sí ìkẹta ni ọkàn ọ̀rọ̀ náà. Kí ló dé tí mo fi sọ cos²θ di 1 − sin²θ? Nítorí pé 1 + sin θ ni mo ń wá lókè, ó wà níbẹ̀ nínú apá ìlú tí à ń lọ. 1 − sin²θ sì ní 1 + sin θ nínú, nítorí ìyàtọ̀ sukuéà méjì ni. Ẹ wá gbé ìsàlẹ̀ padà sábẹ́ rẹ̀:

```
(1 + sin θ)(sin θ + cos θ − 1) / [cos θ (sin θ + cos θ − 1)]
= (1 + sin θ)/cos θ
```

Ohun tí a pa rẹ́ báyìí wà nínú àkámọ́, ó jẹ́ ìlọ́po gbogbo òkè, ó jẹ́ ìlọ́po gbogbo ìsàlẹ̀. Irú èyí ló ṣeé pa rẹ́. Bí mo bá ti tú àkámọ́ ìsàlẹ̀ ni, ǹ bá má rí i pé ó jọ ti òkè.

Ọmọ náà bi mí bóyá ọ̀nà tó kúrú wà. Ó wà. Ẹ wo apá òsì kí a tó tú u: táńjẹ́ntì, sékáǹtì, àti 1. Ará ilé kejì ni wọ́n, 1 gan-an sì ní orúkọ nínú ilé yẹn. Sec²θ − tan²θ ni wọ́n ń pè é. Bí a bá fi orúkọ yẹn pe 1 tó wà lókè, tí a sì fi ti ìsàlẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, òkè yóò di:

```
(sec θ + tan θ) − (sec²θ − tan²θ)
= (sec θ + tan θ) − (sec θ − tan θ)(sec θ + tan θ)
= (sec θ + tan θ)(1 − sec θ + tan θ)
```

Àkámọ́ kejì yẹn ni ìsàlẹ̀ gan-an, tan θ − sec θ + 1. Ó pa á rẹ́, ó ku sec θ + tan θ. Ìgbà yìí la wá tú u, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí ìlú tí à ń lọ: 1/cos θ + sin θ/cos θ, tí í ṣe (1 + sin θ)/cos θ. Nínú ọ̀nà kìíní, a tú u kí a tó ṣiṣẹ́. Nínú ọ̀nà kejì, a ṣiṣẹ́ nínú ilé tán kí a tó tú u. Méjèèjì tọ́. Èkejì kúrú, ṣùgbọ́n ó gba pé kéèyàn rí 1, kó rántí orúkọ rẹ̀, ìyẹn kì í sì wá sọ́kàn gbogbo èèyàn nínú gbọ̀ngàn ìdánwò. Èmi kì í bá ọmọ tó gba ọ̀nà kìíní wí. Ohun tí mo ń sọ fún wọn ni pé bí ẹ bá rí 1 nítòsí táńjẹ́ntì àti sékáǹtì, ẹ wò ó fún ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí tú nǹkan.

Ó kọ méjèèjì sínú ìwé rẹ̀. Kó tó lọ, ó fẹ́ tún un yẹ̀ wò fúnra rẹ̀, ó sì fi 0° sí i dípò 30°. Ẹ̀rọ náà kọ `Math ERROR` sí i lójú. Ara rẹ̀ bù máṣọ, ó rò pé gbogbo iṣẹ́ náà ti bàjẹ́. Mo ní kó ka òkè àti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Òkè jẹ́ 0 + 1 − 1, ìsàlẹ̀ jẹ́ 0 − 1 + 1. Òdo lórí òdo ni, kò sì ní iye kankan, bẹ́ẹ̀ apá ọ̀tún ní iye tirẹ̀ ní 0°, ìyẹn 1. Ohun tí aidẹ́ńtítì ń ṣèlérí ni pé níbikíbi tí apá méjèèjì bá ti ní iye, iye kan náà ni. Mo fi ìka tọ́ka sí ohun tí a pa rẹ́ nínú ọ̀nà kìíní, sin θ + cos θ − 1, mo ní kó fi 0° sínú rẹ̀. Ó ṣe é, ó rí òdo. Ó mú báírò, ó sì kọ ọ́ fúnra rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìlà tó gbẹ̀yìn: "níwọ̀n ìgbà tí sin θ + cos θ kì í bá ṣe 1, tí cos θ kò sì jẹ́ 0."